Òṣùwọ̀n Mẹ́ta fún Àwo Orin Kan Ṣoṣo

Bí ẹ bá mú àwo orin àtijọ́ kan lọ́wọ́, tí ẹ wo bébà róbótó tó wà láàárín rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí nọ́ńbà kan nítòsí orúkọ olórin: 78, tàbí 45, tàbí 33⅓. Iye ìgbà tí àwo náà gbọ́dọ̀ yípo láàárín ìṣẹ́jú kan nìyẹn, kí ohùn inú rẹ̀ tó lè jáde bí olórin ṣe kọ ọ́. Bàbá àgbà mi ní irú àwọn àwo bẹ́ẹ̀ nínú àpótí kan, ọ̀kan nínú wọn ló sì mú mi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí mo fẹ́ kọ síbí yìí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé eré kan ṣoṣo tí àwo kan ń sá lè ní orúkọ mẹ́ta. Ẹni tó ń ta àwo á sọ pé 78 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan ni. Olùkọ́ físíìsì á sọ pé 8.17 rédíánì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ iná yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò bóyá ó ń sáré jù, 468 dígírì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni yóò fi ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí wọn, ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fún iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Dígírì ló dàgbà jù nínú wọn. Àwa Yorùbá máa ń ka nǹkan ní ogún-ogún, ìdí nìyẹn tí ogójì, ọgọ́ta àti ọgọ́rin fi ní ogún nínú. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ ní tiwọn, ọgọ́ta-ọgọ́ta ni wọ́n fi ń ṣírò. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ wọn pín òbírí ojú ọ̀run sí ọ̀nà 360, ìyẹn ọgọ́ta lọ́nà mẹ́fà. Àwọn Gíríìkì gbà á lọ́wọ́ wọn, Ptolemy tó gbé ní ìlú Alẹkisáńdíríà lò ó nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìràwọ̀, ó sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá àti àwọn ará Yúróòpù. Láti inú ìṣírò ọgọ́ta yìí kan náà ni wákàtí oníṣẹ́jú 60 àti ìṣẹ́jú oní-ìṣẹ́jú-àáyá 60 ti wá.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òun ló sọ àyípadà àkọ́kọ́ di nǹkan ìrọ̀rùn. Bí àwo kan bá yípo lẹ́ẹ̀kan, 360 dígírì ló rìn. Bí ó bá yípo ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, 78 lọ́nà 360 dígírì ló rìn ní ìṣẹ́jú náà. A ó wá pín in sí ọ̀nà 60 láti mọ ohun tó rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n 360 tí a pín sí ọ̀nà 60 jẹ́ 6 géérégé, kò ṣẹ́kù, kò lé. Nítorí náà, iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan lọ́nà mẹ́fà ni iye dígírì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó parí. Àwo 78 ń rin 468 dígírì. Àwo 45 ń rin 270. Àwo 33⅓, tí nọ́ńbà rẹ̀ rí játijàti lórí bébà, ń rin 200 dígírì gan-an. Bábílónì ló fún wa ní nọ́ńbà òkè, òun náà ló fún wa ní nọ́ńbà ìsàlẹ̀, kò sì yani lẹ́nu pé àwọn méjèèjì mọ ara wọn.

Ti ìyípo ní ìṣẹ́jú kan kò ní ọlá ojú ọ̀run kankan. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lọ ọkà àti àwọn tó ń fa omi jáde nínú kòtò ìwakùsà ni. Nígbà tí James Watt fẹ́ mọ iye agbára ẹṣin kan kí ó lè fi ta ẹ̀rọ alátẹ̀gùn gbígbóná rẹ̀, ẹṣin tó ń yí ọlọ ló gbé yẹ̀ wò, ó sì gbà pé ẹṣin bẹ́ẹ̀ ń yípo ní ìgbà 144 ní wákàtí kan. Ìyẹn kò tó ìyípo méjì àbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ní kí ẹnì kan sọ eré ẹṣin yẹn ní ìṣẹ́jú-àáyá, 0.04 ìyípo ni yóò sọ fún yín, ta ni nọ́ńbà yẹn sì lè yé nínú ọjà? Ojú ènìyàn lè tẹ̀lé ohun tó ń yípo, ẹnu rẹ̀ sì lè kà á fún ìṣẹ́jú kan kí ó má sú u. Nígbà tí ẹ̀rọ wá ń sáré ju ojú lọ, àṣà kíkà ní ìṣẹ́jú ti mọ́ wọn lára, wọn kò sì fi í sílẹ̀. Dòní olónìí, òun ni wọ́n ń kọ sára mọ́tò afátẹ́gùn, ẹ̀rọ ìlọta àti jẹnẹrétọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe dé orí àwo orin. Emile Berliner, ọmọ Jámánì tó ń gbé ní Améríkà, ló gba ìwé àṣẹ gíramafóònù aláwo ní 1887. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan bí 70 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n sì ń fẹ́. Ẹni tó bá rẹ̀ á fa ohùn olórin wálẹ̀, ẹni tó bá ń kánjú á sọ ọkùnrin di obìnrin. Ìgbà tí Eldridge Johnson ṣe mọ́tò onísípíríìǹgì sí i ní 1896 ni ọwọ́ sinmi. Nínú mọ́tò yẹn ni nǹkan kékeré kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an: òkúta irin mẹ́ta tí wọ́n dè mọ́ irin pẹlẹbẹ tó rọ̀, tí wọ́n ń yípo lára ọ̀pá kan. Bí eré bá ti ń pọ̀, àwọn òkúta náà á fẹ̀ jáde, wọn á fa irin róbótó kan lọ fara kan awọ, awọ á sì di eré mú. Sípíríìǹgì lè le tàbí kí ó dẹ̀, eré kan náà ni ẹ̀rọ yóò máa sá títí sípíríìǹgì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìṣó kékeré kan wà létí àwo tí a lè yí láti sún awọ náà síwájú tàbí sẹ́yìn. Ìṣó yẹn ló ń pinnu 78.

Ṣùgbọ́n 78 kò tètè fìdí múlẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ń kọ 78 sára àwo, òmíràn ń kọ 80, àwọn mìíràn kò sì kọ nǹkan kan rárá. Iná mànàmáná ló mú wọn fohùn ṣọ̀kan, àlàyé rẹ̀ sì ń bọ̀ níwájú.

Ẹ̀kẹta ni rédíánì, òun sì ni àbúrò pátápátá. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ mú okùn kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ láti àárín àwo dé etí rẹ̀, ìyẹn rédíọ́ọ̀sì. Ẹ wá tẹ́ okùn náà sí etí àwo kí ó tẹ̀lé ìyípo etí náà. Igun tí okùn yẹn bo, tí a bá wò ó láti àárín, ni rédíánì kan. Okùn mẹ́fà kò ní yí etí àwo náà ká tán. Yóò ku díẹ̀, okùn mẹ́fà àti 0.28 okùn kan ló máa yí i ká. Ìyẹn ni 2π. Nítorí náà, rédíánì kan tó nǹkan bí 57.3 dígírì. Roger Cotes, onímọ̀ ìṣírò ará Gẹ̀ẹ́sì, ti lo èrò yìí ní 1714, kò kàn fún un lórúkọ ni. Orúkọ náà jáde nínú ìwé ìdánwò tí James Thomson, ẹ̀gbọ́n William Thomson tí wọ́n padà fi joyè Olúwa Kelvin, ṣètò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Bẹ́lífásì ní oṣù kẹfà 1873. Mo rò pé ó bá a mu pé inú ìdánwò ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ hàn, nítorí inú ìdánwò náà ló ti ń dá àwa lágara.

Àyípadà rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ bí ti dígírì. Ìyípo kan jẹ́ 2π rédíánì, a ó sì pín in sí ọ̀nà 60:

ω = 2πn / 60 = πn / 30

Níbẹ̀, n ni iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, ω sì ni iye rédíánì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. π kì í tán, nítorí náà èsì rẹ̀ kì í mọ́ géérégé. Fún 78, ó jẹ́ 8.168. Fún 33⅓, ó jẹ́ 3.491. Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń ṣe é lórí láìmú ẹ̀rọ ìṣírò: mo máa ń pín iye ìyípo sí ọ̀nà mẹ́wàá, màá sì fi ìdá kan nínú ogún èsì náà lé e. 78 á di 7.8, ìdá kan nínú ogún 7.8 jẹ́ 0.39, àpapọ̀ wọn jẹ́ 8.19. Ó súnmọ́ tó láti mọ̀ bóyá èsì tí mo kọ sínú ìwé jọ òótọ́. Tí a bá ń bọ̀ láti rédíánì sí ìyípo, ká sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 30, ká sì fi π pín in. Láti dígírì sí ìyípo, ká fi 6 pín in.

Kí ló wá dé tí ẹnì kan fi fẹ́ òṣùwọ̀n tí kò mọ́lẹ̀ nígbà tí dígírì wà? Ẹ wo abẹ́rẹ́ gíramafóònù. Poro kan ṣoṣo ló wà lórí ojú àwo kan, ó bẹ̀rẹ̀ létí, ó sì ń yí lọ sí àárín bí ìgbín. Abẹ́rẹ́ dúró sínú poro, àwo ń fà poro kọjá lábẹ́ rẹ̀. Báwo ni poro ṣe ń yára kọjá tó? Tí a bá ti ní rédíánì, a kàn máa sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú rédíọ́ọ̀sì ni: v = ωr. Ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé rédíánì kan jẹ́ okùn kan tó gùn tó rédíọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá mọ iye okùn ti mọ iye ọ̀nà. Àwo 78 tó fẹ̀ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12 sí àárín. 8.17 lọ́nà 12 jẹ́ 98. Nǹkan bíi mítà kan ni poro ń rìn lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ dán an wò pẹ̀lú dígírì: 468 lọ́nà 12 jẹ́ 5,616, nọ́ńbà tí kì í ṣe ìwọ̀n ohunkóhun.

Nígbà tí orin bá fẹ́ parí, abẹ́rẹ́ ti dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sí àárín. Àwo kò dín eré kù, 78 ni síbẹ̀, 8.17 rédíánì ni síbẹ̀. Ṣùgbọ́n 8.17 lọ́nà 5 kò tó 41. Poro tó ń sáré ní sẹ̀ǹtímítà 98 tẹ́lẹ̀ ti wá di èyí tó ń rìn ní 41. Ìgbì ohùn kan náà gbọ́dọ̀ wá fún ara rẹ̀ mọ́ inú ọ̀nà tó kúrú ju ìdajì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lórí àwo 33⅓ tí ilé iṣẹ́ Columbia gbé jáde ní Améríkà ní 1948, ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i: nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 51 létí, nǹkan bí 21 tó bá kù sẹ̀ǹtímítà 6 sí àárín. Poro tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti ike tó dán ló jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é. Síbẹ̀, ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, irú èyí tó wà nínú ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, yóò ní nǹkan bí 0.05 mìlímítà fún ìgbì kọ̀ọ̀kan létí àwo, ṣùgbọ́n 0.02 péré nítòsí àárín. Abẹ́rẹ́ kò lè tẹ̀lé ìṣẹ́po kékeré bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí orin tó gbẹ̀yìn lójú àwo kan fi máa ń dún bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà mi gbà pé olórin ló ti rẹ̀. Mo ṣe ìṣirò náà fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n gbà pé olórin náà lè ti rẹ̀ pẹ̀lú.

Èyí tó kù ni bí a ṣe lè mọ̀ pé ẹ̀rọ kan ń sá 78 ní tòótọ́. Gíramafóònù bàbá àgbà mi jẹ́ onísípíríìǹgì. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo lẹ bébà funfun kékeré mọ́ etí àwo kan, mo gbé abẹ́rẹ́ lé e, mo sì ń ka iye ìgbà tí bébà náà kọjá níwájú mi títí ìṣẹ́jú kan fi pé lójú fóònù. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà lórí àwo nígbà tí a bá ń kà, nítorí òun náà ń fa àwo sẹ́yìn. Mo ka 74. Ìyẹn jẹ́ 444 dígírì, tàbí 7.75 rédíánì, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó lọ́ra.

Kíkà dára, ṣùgbọ́n ó ń gba odindi ìṣẹ́jú kan ní gbogbo ìgbà tí a bá fọwọ́ kan ìṣó. Àwọn oníṣẹ́ àwo ti rí ọgbọ́n tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ: bébà róbótó tí a fa ìlà dúdú àti funfun sí lára yíká. Iná mànàmáná wa níhìn-ín máa ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lẹ́ẹ̀mejì ni ìmọ́lẹ̀ máa ń le nínú ìlọbọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà gílóòbù onípáìpù gígùn ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láìjẹ́ pé ojú wa mọ̀. Bí bébà onílà bá ń yípo lábẹ́ rẹ̀, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń dé ipò ìlà tó wà níwájú rẹ̀ gan-an láàárín ìṣẹ́jú iná kan sí èkejì, yóò dà bí ẹni pé àwọn ìlà náà dúró jẹ́ẹ́ níbi tí àwo ti ń sáré.

Ìlà mélòó ni ká wá fà? Níbí ni dígírì ti gba ipò rẹ̀ padà. Àwo 33⅓ ń rin 200 dígírì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iná ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Nítorí náà, láàárín ìṣẹ́jú iná kan sí èkejì, àwo rin dígírì 2. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan wà ní dígírì 2 sí èkejì rẹ̀, 360 tí a pín sí ọ̀nà 2 jẹ́ ìlà 180. Ẹnikẹ́ni tó bá ní pùrótírátọ̀ nínú àpótí jiọ́mẹ́tírì rẹ̀ lè fà á. Àwo 78 kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Dígírì 4.68 ló ń rìn, 360 tí a bá sì fi 4.68 pín jẹ́ 76.92. A kò lè fa ìlà tó kù díẹ̀ kó pé. Ìlà 77 ni a ó fà. Ṣùgbọ́n ìlà 77 kò ní dúró jẹ́ẹ́ ní 78 gan-an. Ìṣẹ́jú iná 6,000 ló wà nínú ìṣẹ́jú kan. 6,000 tí a fi 77 pín jẹ́ 77.92. Ní Améríkà, níbi tí iná ti ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 60, ìlà 92 ni wọ́n ń fà, 7,200 tí a fi 92 pín sì jẹ́ 78.26. Bí 78 ṣe di nọ́ńbà méjì lórí ilẹ̀ ayé nìyẹn, ọ̀kan fún ibi tí iná ti jẹ́ 50, ọ̀kan fún ibi tí ó ti jẹ́ 60. Ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún, etí kò lè mú un.

Mo tẹ bébà onílà 77 náà, mo gbé e lé àárín àwo. Ní 74, àwọn ìlà ń fà sẹ́yìn. Ìṣirò ní kí wọ́n fà sẹ́yìn ní nǹkan bí ìlà márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: 467.5 yọ 444 jẹ́ dígírì 23.5, ìlà kan sí èkejì sì jẹ́ dígírì 4.68. Mo yí ìṣó díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dúró. Bí mo bá yí i jù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn síwájú. Ó ya ara lóòótọ́, a kò nílò láti ka nǹkan kan.

Bí mo ṣe ń yọ̀, iná lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tan jẹnẹrétọ̀. Àwọn ìlà tó ti dúró tẹ́lẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ìṣó. Èmi ìbá tún un yí, àmọ́ mo kọ́kọ́ padà sí bébà funfun etí àwo, mo kà á: 78 ni síbẹ̀. Àwo kò yí padà, ìmọ́lẹ̀ ló yí padà. Mítà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi wo iná jẹnẹrétọ̀ náà gbé 52 Hz jáde lójú. Iná tó ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 52 ń ṣẹ́jú ní ìgbà 104, ìyẹn 6,240 ní ìṣẹ́jú kan, 6,240 tí a fi 77 pín sì jẹ́ 81.04. Bí mo bá ti gbọ́ ti bébà onílà nìkan, màá ti sún gíramafóònù náà dé 81, màá sì rò pé mo tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ dán èyí wò nílé rẹ̀, kó rántí pé ọ̀pọ̀ gílóòbù ìgbàlódé tí kì í gbóná kì í ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ rárá. Lábẹ́ wọn, àwọn ìlà á kàn pòpọ̀ di eérú ni.

Nínú kíláàsì wa, àṣìṣe kan wọ́pọ̀ nígbà tí olùkọ́ bá fún wa ní irú iṣẹ́ yìí. Ẹlòmíràn á mú 78, á sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà π, á fi 180 pín in, á sì kọ 1.36 rédíánì. Ó ti fi ìyípo ṣe dígírì. Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé ká bi nọ́ńbà náà léèrè ohun tí ó ń sọ. 1.36 rédíánì kò tó ìdá mẹ́rin ìyípo kan, nítorí ìdá mẹ́rin jẹ́ 1.57. Ṣùgbọ́n 78 ní ìṣẹ́jú kan ju ìyípo kan lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà àti àwo kò bára wọn mu. Fún ohun kan náà tó ń yípo, ti dígírì ló gbọ́dọ̀ tóbi jù, ìyípo ní ìṣẹ́jú kan á tẹ̀lé e, rédíánì á kéré jù, ó á sì súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ìyípo. Bí wọn kò bá tò bẹ́ẹ̀, kí a padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ pé àwo kan ló mú mi bẹ̀rẹ̀. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ará Abẹ́òkúta, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin ìyìn Yorùbá fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Orin 43 ni wọ́n gbà sílẹ̀. Ní àsìkò yẹn, kò tíì sí gbohùngbohùn oníná nínú iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀. Ẹnu fèrè ńlá ni olórin ń kọrin sí, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ló sì ń ti abẹ́rẹ́ tó ń gbẹ́ poro. Òkúta wíwúwo tó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ti aago ògiri ló ń yí àwo, gọ́fánọ̀ ló sì ń di eré rẹ̀ mú. Kò sí iná tó ń ṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ náà láti jẹ́rìí sí eré rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n gbẹ́ irú àwo bẹ́ẹ̀ kan ní 76, tí èmi sì ń lò ó ní 78 lónìí. 456 dígírì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, 468 ni mo fi ń gbọ́ ọ. 468 tí a fi 456 pín jẹ́ 1.026, òṣùwọ̀n yòówù kí a fi ṣe é, ìyípo tàbí rédíánì, nọ́ńbà yẹn kò yí padà. Gbogbo ohùn á gòkè ní nǹkan bí 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti bọ́tìnnì dùùrù kan sí èyí tó tẹ̀lé e gan-an jẹ́ nǹkan bí 5.9 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà orin náà kò gòkè tó ìdajì bọ́tìnnì kan. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò bàjẹ́. Àmì ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ nínú èdè wa kì í ṣe gíga kan pàtó, bí ọ̀kan ṣe ga ju èkejì lọ ni, gbogbo wọn ló sì jọ gòkè lọ́nà 1.026 kan náà. Ọkọ́ kò di ọkọ̀. Bí mo bá tilẹ̀ fi àṣìṣe gbé àwo 33⅓ sáré ní 45, tí ohùn gòkè lọ́nà 1.35 tí àgbàlagbà ń dún bí ọmọdé, ẹni tó gbọ́ Yorùbá ṣì máa gbọ́ ohun tó ń sọ.

Èyí tí a kò lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni gíga ohùn olórin fúnra rẹ̀. Bí dùùrù bá wà nínú orin náà, a lè sún eré títí dùùrù yóò fi bá ti òde òní mu, ká wá kà á pẹ̀lú bébà funfun létí àwo. Bí ohùn ènìyàn nìkan bá ni, a ní nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kọ, a ní ìṣó, a sì ní etí àwọn tó gbọ́ ọ lójúkojú, tí wọ́n ti lọ tipẹ́. Bàbá àgbà mi ní kí n fi í sí 78. Ibẹ̀ ló wà.